Ọfà máòsì àti àlàyé tó ń yọjú: ẹ jẹ́ ká yọ wọ́n kúrò nínú àwòrán ojú kọ̀ǹpútà

Tísà_Òkè-Àdó
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Mò ń kọ ìwé ìlànà kékeré kan fún àwọn olùkọ́ Yorùbá, lórí bí wọ́n ṣe lè fi LibreOffice Writer tẹ ẹ, ọ, ṣ àti àmì ohùn. Windows 10 ló wà lórí kọ̀ǹpútà mi, Greenshot ni mo sì fi ń ya àwòrán ojú rẹ̀. Ẹni tó máa to ìwé náà dá àwòrán mẹ́ta padà fún mi, ó ní òun kò lè lò wọ́n bí wọ́n ṣe wà.

Àwòrán kìíní fi gbogbo fèrèsé Writer hàn. Ọfà máòsì dúró lórí bọ́tìnnì Bold, àpótí kékeré tó ń sọ orúkọ bọ́tìnnì náà sì ti yọ sábẹ́ rẹ̀, ó bo apá kan lára rúlà. Èkejì ni mẹ́nù Insert tó ṣí sílẹ̀. Special Character ni mo fẹ́ kí àwọn èèyàn rí níbẹ̀, orí ọ̀rọ̀ yẹn gan-an sì ni ọfà jókòó sí. Ẹ̀kẹta ni fèrèsé kékeré Special Characters fúnra rẹ̀. Ní tiyẹn, ìsàlẹ̀ lọ́wọ́ ọ̀tún ni ọfà wà, lẹ́yìn fèrèsé náà, kò bo ohunkóhun.

Ṣé kí n tún gbogbo wọn yà ni, àbí kí n kàn gé wọn? Báwo lẹ̀yin ṣe ń ṣe é?

Kúnlé_Bódìjà
Ẹ kú iṣẹ́ sà. Ẹ má da ara yín láàmú. Windows kì í ya ọfà máòsì rárá. Ẹ tẹ PrtScn, kí ẹ lẹ̀ ẹ́ sínú Paint, ẹ ò ní rí ọfà kankan níbẹ̀. Àpótí kékeré yẹn náà, tí ẹ bá fi máòsì sílẹ̀ láìmì, yóò wọlé fúnra rẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú àáyá bíi márùn-ún. Èyí tí ẹ ti yà tẹ́lẹ̀, ẹ mú àwọ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọfà náà, kí ẹ fi kùn ún lórí. Kò sẹ́ni tó máa mọ̀.

Ìyá_Atòwé
Kúnlé, òótọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ ẹ, ṣùgbọ́n tí Tísà bá ṣe é báyẹn, méjì nínú àwòrán mẹ́ta náà ni wọ́n á tún dá padà fún un. Iṣẹ́ mi ni kí n máa to irú ìwé ìlànà báyìí, ẹ jẹ́ kí n fara balẹ̀ ṣàlàyé.

Ohun mẹ́ta ló wà nínú àwòrán kìíní yẹn, kì í ṣe méjì. Àkọ́kọ́ ni ọfà. Ìkejì ni àpótí àlàyé. Ìkẹta, tí ọ̀pọ̀ èèyàn kì í rí, ni bọ́tìnnì Bold fúnra rẹ̀: nígbà tí ọfà wà lórí rẹ̀, ó yí àwọ̀ padà. Ẹni tó ń kọ́ṣẹ́ máa wò ó, yóò rò pé wọ́n ti tẹ̀ ẹ́, pé lẹ́tà tó dúdú kirikiri ni wọ́n ń kọ. Ìlànà tí kò tọ́ nìyẹn fún un, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọfà kò sí níbẹ̀ mọ́.

Ọ̀nà tí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta fi ń wọ inú àwòrán yàtọ̀ síra, ìdí nìyẹn tí oògùn wọn kò fi jọra. Ọfà kì í ṣe ara ohun tí Writer yà sójú fèrèsé rẹ̀. Windows ló ń gbé e lé orí gbogbo nǹkan mìíràn. Nítorí náà ni PrtScn tó bá Windows wá kì í fi í mú un, ibẹ̀ ni Kúnlé ti sọ òótọ́. Ṣùgbọ́n Greenshot ni Tísà ń lò. Greenshot máa ń lọ mú ọfà náà wá, yóò fi kún àwòrán, àfi tí ẹ bá ní kó má ṣe bẹ́ẹ̀. Bí wọ́n ṣe fi ránṣẹ́ látìbẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ẹ fi ọwọ́ ọ̀tún máòsì tẹ àmì Greenshot ní igun ìsàlẹ̀ kọ̀ǹpútà, ẹ yan Preferences, ẹ lọ sí Capture, kí ẹ mú àmì kúrò nínú Capture mousepointer. Ó parí. Láti ìgbà yẹn lọ, ọfà kò ní wọlé mọ́. ShareX náà ní irú ètò yìí, nínú apá Capture tirẹ̀.

Àpótí àlàyé àti bọ́tìnnì tó yí àwọ̀ padà ńkọ́? Writer fúnra rẹ̀ ló ya àwọn yẹn sójú fèrèsé nítorí pé ó mọ̀ pé ọfà wà níbẹ̀. Kò sí ètò nínú Greenshot tàbí nínú èyíkéyìí tó lè yọ wọ́n, torí ara fèrèsé ni wọ́n jẹ́ ní àkókò yẹn. Ẹ̀yin fúnra yín lẹ máa gbé ọfà kúrò níbẹ̀ kí ẹ tó yà á.

Ti pé kí a dúró kí àpótí wọlé fúnra rẹ̀, ó ń ṣẹlẹ̀ lóòótọ́ nínú ọ̀pọ̀ sọ́fítíwíà lórí Windows. Ṣùgbọ́n àwọ̀ bọ́tìnnì ò ní padà, níwọ̀n ìgbà tí ọfà ṣì wà lórí rẹ̀. Ẹ óò ya àwòrán tó dà bíi pé ó mọ́, kò sì mọ́.

Ti kíkùn, mi ò fara mọ́ ọn rárá. Àpótí inú àwòrán kìíní bo rúlà. Kí ni Tísà máa kùn síbẹ̀? Nọ́ńbà rúlà tí kò rí? Ohun tí sọ́fítíwíà kò fi hàn ni yóò máa fi ọwọ́ ara rẹ̀ yà. Tí ẹ̀yìn bá funfun pátá, ó lè ṣe é, ṣùgbọ́n tí ẹ̀yìn bá funfun, tí ohun tí ẹ fẹ́ fi hàn kò sì sí níbẹ̀, gígé ló yẹ ibẹ̀.

Nítorí náà, Tísà: ẹ tún kìíní yà, ẹ tún èkejì yà, ẹ gé ẹ̀kẹta.

Tísà_Òkè-Àdó
Ẹ ṣeun gan-an mà. Mo ti mú àmì yẹn kúrò nínú Greenshot. Níbo ni kí n wá gbé ọfà sí nígbà tí mo bá fẹ́ ya kìíní? Fèrèsé Writer mi gba gbogbo ojú kọ̀ǹpútà, kò síbi tí mo gbé e sí tí nǹkan kan kì í yọ.

Ìyá_Atòwé
Ẹ má jẹ́ kí fèrèsé náà gba gbogbo ojú. Ẹ dín in kù títí ẹ ó fi rí ojú tábìlì kọ̀ǹpútà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kí ẹ gbé ọfà lọ síbẹ̀, sórí ibi tí kò ní àmì kankan. Lẹ́yìn náà, Alt+PrtScn nínú Greenshot yóò mú fèrèsé yẹn nìkan, ẹ ò tilẹ̀ ní gé nǹkan kan. Èrè mìíràn wà níbẹ̀: ìwé yín kò fẹ̀. Tí ẹ bá fi fèrèsé tó fẹ̀ tó 1366 píkísẹ́lì há ojú ewé ìwé kékeré, ọ̀rọ̀ inú mẹ́nù á kéré débi pé àgbàlagbà ò ní lè kà á. Fèrèsé tó kéré dáadáa, tí gbogbo bọ́tìnnì tí ẹ nílò ṣì hàn, ló ń jáde dáadáa lórí bébà.

Tó bá di dandan kó gba gbogbo ojú, ẹ gbé ọfà sí àárín ọ̀pá òkè, níbi tí orúkọ fáìlì wà. Ẹ sá fún ọ̀pá ìsàlẹ̀, torí pé ibi tí nọ́ńbà ojú ewé àti èdè wà níbẹ̀ náà ní àlàyé tirẹ̀ tó máa ń yọ. Kí ẹ má sì fi ọfà sílẹ̀ lórí ojú ewé funfun tí à ń kọ̀wé sí, bí ẹ bá ń lo ohun èlò tó ń mú ọfà. Ibẹ̀ ló ti máa ń yí padà di ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ bí lẹ́tà I. Mo ti rí i nínú ìwé tí wọ́n ti tẹ̀ jáde, ó dúró sáàárín ọ̀rọ̀ méjì bí ẹni pé ó jẹ́ ara gbólóhùn. Ìlà tó ń ṣẹ́jú níbi tí ẹ kọ̀wé dé yàtọ̀ sí i o. Ìyẹn jẹ́ ti Writer, kò burú kó wà níbẹ̀.

Adùn_Fídíò
Ẹ dákun, èmi náà ní ìṣòro yìí. Mo máa ń ṣe fídíò ìdáná, mo sì fẹ́ fi bí mo ṣe ń to owó ọjà sínú kọ̀ǹpútà hàn. Ọfà máòsì ń lọ ó ń bọ̀ nínú fídíò náà. OBS ni mò ń lò. Ṣé kí n gé e ni?

Kúnlé_Bódìjà
Ti fídíò yàtọ̀ mà, àwòrán tó dúró sójú kan ni à ń sọ níbí. Ṣùgbọ́n nínú OBS, ẹ tẹ ohun tí ẹ ń yà nínú àpótí Sources lẹ́ẹ̀mejì, ẹ ó rí Capture Cursor. Ẹ mú àmì kúrò níbẹ̀. Èmi ì bá fi í sílẹ̀ ní tèmi, torí nínú fídíò èèyàn nílò láti mọ ibi tí ọwọ́ yín ń lọ.

Tísà_Òkè-Àdó
Ìyá Atòwé, kìíní ti dára. Èkejì ló kù. Mo ṣí mẹ́nù Insert, ọfà kò sí nínú àwòrán mọ́, ṣùgbọ́n bí mo bá ti gbé máòsì kúrò, ọ̀rọ̀ mìíràn ni mẹ́nù náà máa ń kùn, kì í ṣe Special Character. Tí mo bá sì tẹ Alt+PrtScn, mẹ́nù á pa dé.

Ìyá_Atòwé
Alt ló ń pa á dé. Nínú Windows, ẹni tó bá tẹ Alt nígbà tí mẹ́nù ṣí sílẹ̀ ti sọ fún un pé kó pa dé nìyẹn. Nítorí náà, nígbàkígbà tí mẹ́nù bá ṣí, PrtScn nìkan ni kí ẹ tẹ̀, kí ẹ wá fa àpótí yí ibi tí ẹ fẹ́ ká. Greenshot á ti mú gbogbo ojú kọ̀ǹpútà dúró kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í fà á, kò sí ohun tó máa yí padà mọ́.

Ti kíkùn ọ̀rọ̀ inú mẹ́nù, ẹ má lo máòsì rárá. Ẹ kọ́kọ́ gbé ọfà lọ sójú tábìlì, jìnnà sí ibi tí mẹ́nù náà máa balẹ̀ sí. Ẹ tẹ inú Writer kí ó gbọ́ tiyín kí ẹ tó gbé e lọ. Ẹ wá tẹ Alt+I, mẹ́nù Insert yóò ṣí. Ẹ fi bọ́tìnnì ìsàlẹ̀ lórí kíbọ́ọ̀dù sọ̀ kalẹ̀ títí Special Character yóò fi kùn. Ẹ tẹ PrtScn. Ọ̀rọ̀ náà á kùn gẹ́gẹ́ bí ẹ ṣe fẹ́, ọfà kò sí níbẹ̀, àlàyé kankan ò sì ní yọ.

Ohun kan ṣoṣo tí ẹ máa rí ni pé lẹ́tà kan nínú ọ̀rọ̀ mẹ́nù kọ̀ọ̀kan lè ní ìlà lábẹ́, torí pé ẹ ti lo Alt. Kò burú, ṣùgbọ́n tí ẹ bá fẹ́ kí gbogbo àwòrán inú ìwé náà jọra, ẹ ya gbogbo àwòrán mẹ́nù báyẹn. Kí ìlà wà ní ojú ewé kẹrin kó má sí ní ojú ewé karùn-ún, ẹni tó fẹ́ràn àlàyé máa kọ̀wé béèrè.

Xubuntu_Ìjẹ̀bú
Ẹ̀yin tó ń lo Windows rọrùn jù. Lórí Xfce tí mò ń lò, tí mẹ́nù bá ti ṣí, bọ́tìnnì Print kì í dáhùn rárá. Mo ti rò pé kíbọ́ọ̀dù mi ló bàjẹ́. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ni pé mẹ́nù tó ṣí sílẹ̀ lórí X11 máa ń gba gbogbo bọ́tìnnì kíbọ́ọ̀dù sọ́wọ́ ara rẹ̀, nítorí náà, ohun tó yẹ kó ya àwòrán kò ní gbọ́ pé wọ́n pè é.

Ìdádúró ló ń gbà mí. Mo máa ṣí tẹ́mínà, mo máa kọ eléyìí:

```
xfce4-screenshooter -f -d 8 -s ~/Pictures
```

Ìṣẹ́jú àáyá mẹ́jọ ni mo fún ara mi láti padà sí Writer, kí n ṣí mẹ́nù, kí n fi kíbọ́ọ̀dù sọ̀ kalẹ̀, kí n sì jẹ́ kó dúró. Àwòrán gbogbo ojú ni ó máa yà, torí `-f` ni mo lò. Mi ò lo `-w` tí yóò ya fèrèsé nìkan, torí pé mẹ́nù máa ń jẹ́ fèrèsé ọ̀tọ̀ lójú rẹ̀, apá tó yọ síta lè gé kúrò. Mo máa wá gé gbogbo ojú náà sí ibi tí mo fẹ́. Ẹ má fi `-m` kún un, ìyẹn ló ń mú ọfà wá. Nínú fèrèsé rẹ̀ tí ẹ bá ṣí i láìlo tẹ́mínà, àpótí kan wà tó ń béèrè bóyá kó mú ọfà, ẹ mú àmì kúrò níbẹ̀.

Ìyá_Atòwé
O ṣeun Xubuntu. Ìdádúró yẹn náà wà lórí Windows 10. Ẹ ṣí Snipping Tool, ẹ tẹ Delay, ó ń lọ dé ìṣẹ́jú àáyá márùn-ún. Ó wúlò gan-an fún ohun tó bá máa ń pa dé bí ẹ bá fọwọ́ kan bọ́tìnnì èyíkéyìí.

Ará_Lọ́ńdọ̀nù
Ti Mac rọrùn, mo ní kí n fi kún un fún ẹni tó bá nílò rẹ̀. Shift+Command+5, ẹ tẹ Options, ẹ wo ìsàlẹ̀ níbi tó ti sọ Show Mouse Pointer. Bí kò bá ní àmì níwájú, ọfà kò ní wọlé. Ìdádúró 5 tàbí 10 ìṣẹ́jú àáyá wà níbẹ̀ náà. Láti Mojave, ìyẹn ọdún 2018, ló ti wà.

Ṣadé_Akọ̀wé
Ẹ jọ̀ọ́, ṣé gígé tí ẹ ń sọ yìí kò lè ṣe gbogbo rẹ̀? Inú Word ni mo máa ń gé tèmi sí. Mo máa lẹ àwòrán sínú ìwé, màá tẹ Crop, màá fa etí wọlé títí ọfà kò fi hàn mọ́. Kò gba àkókò kankan, ẹ̀gbọ́n mi tó ń ṣe ìwé ìpàdé fún ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ ló kọ́ mi.

Ìyá_Atòwé
Ṣadé, ó dára bí ọfà bá wà ní etí, tí ohun tí a gé kì í ṣe ohun tí òǹkàwé nílò. Ṣùgbọ́n ọ̀nà ti Word yẹn ń fi nǹkan pamọ́ ni, kì í gé e. Ibi tí o fà wọlé ṣì wà nínú fáìlì náà pátápátá. Ẹnikẹ́ni tó bá gba ìwé rẹ lè tẹ àwòrán náà kó fa etí rẹ̀ padà síta. Bí ọfà nìkan ló wà níbẹ̀, kò sí wàhálà. Bí orúkọ ọmọ ẹgbẹ́ àti iye owó tí wọ́n jẹ bá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí o gé ńkọ́? Kí o tó fi ránṣẹ́, tẹ àwòrán, lọ sí Compress Pictures, kí o rí i pé Delete cropped areas of pictures ní àmì, kí o sì fi pamọ́. Ohun tó sàn jù lójú tèmi ni kí o gé e kó tó wọ Word, kí o wá lẹ èyí tí o ti gé.

Kí a sì máa fi àwòrán tí a gé pamọ́ pẹ̀lú orúkọ tuntun, ká má kọ ọ́ lé orí ti àtijọ́. Ní 2023, wọ́n rí i pé ohun èlò ìyàwòrán tó wà lórí Windows 11, àti Snip & Sketch lórí Windows 10, máa ń fi apá kan àwòrán àtijọ́ sílẹ̀ ní ìparí fáìlì bí ẹni náà bá gé e, tó sì fi pamọ́ lórí èyí tó wà tẹ́lẹ̀. Irú rẹ̀ kan náà ṣẹlẹ̀ lórí fóònù Pixel. Wọ́n ti tún un ṣe, ṣùgbọ́n àwọn àwòrán tí wọ́n ti gé kó tó di ìgbà yẹn kò tún ara wọn ṣe.

Tísà_Òkè-Àdó
Ẹ̀kẹta wá ńkọ́ mà? Báwo ni kí n ṣe mọ ibi tí kí n gé dé?

Ìyá_Atòwé
Etí fèrèsé kékeré yẹn gan-an ni kí ẹ gé dé. Bí ẹ bá gé apá kan nínú fèrèsé, tí bọ́tìnnì Insert àti Cancel kò hàn ní ìsàlẹ̀ mọ́, òǹkàwé á máa wá ibi tí fèrèsé yẹn parí sí. Ẹ ṣí àwòrán náà nínú Greenshot, ẹ tẹ C lórí kíbọ́ọ̀dù, ẹ fa àpótí yí fèrèsé náà ká, ẹ tẹ Enter. Ẹ sún mọ́ ọn kí àwòrán tóbi lójú yín, ìlà etí fèrèsé tẹ́ẹ́rẹ́, ó sì rọrùn láti gé e kúrò ní ẹ̀gbẹ́ kan kó kù ní ẹ̀gbẹ́ kejì.

Ẹ fi pamọ́ bíi PNG. Ẹ má yí ìtóbi padà. Gígé kì í fọwọ́ kan píkísẹ́lì tó kù, wọ́n á wà bí wọ́n ṣe wà, lẹ́tà á sì mọ́ kedere. Bí ẹ bá tún un ṣe kó kéré tàbí kó tóbi, ìyẹn ló máa jẹ́ kí àmì ohùn lórí ọ̀ tàbí ìsàlẹ̀ ẹ di èérí. Nínú ìwé tó ń kọ́ni ní ọ̀rọ̀ àmì ohùn, ìyẹn ṣe pàtàkì.

Mo tún fẹ́ sọ ohun kan fún yín, bí ẹ bá fi pamọ́ bíi .greenshot tẹ́lẹ̀, kì í ṣe PNG, ọfà ṣì wà lọ́tọ̀ nínú rẹ̀. Ẹ ṣí i, ẹ tẹ ọfà náà, ẹ tẹ Delete, ó lọ. Ṣùgbọ́n àpótí àlàyé ò ní lọ, mo ti sọ ìdí rẹ̀.

Tísà_Òkè-Àdó
PNG ni mo fi pamọ́, ó ti wọ inú rẹ̀. Mo ti gé e báyìí, ó dára.

Màmá_Ìdílé
Ẹ kú àkíyèsí gbogbo yín. Èmi kò gbà pátápátá. Mo ti ń kọ́ àwọn ìyá àgbà ní kọ̀ǹpútà, àwọn tó jẹ́ pé ìgbà àkọ́kọ́ tí wọ́n máa fọwọ́ kan máòsì nìyẹn. Ọfà yẹn gan-an ló ń sọ fún wọn ibi tí wọ́n máa tẹ̀. Tí ẹ bá yọ ọ́, ẹ ti yọ ohun tí wọ́n ń tẹ̀lé. Wọn kì í ka àlàyé lábẹ́ àwòrán, wọ́n ń wo ọfà ni.

Ìyá_Atòwé
Ẹ ṣeun, Màmá. Mo gbọ́. Ìdí tí n kò fi fẹ́ ẹ ni pé ọfà kéré jù. Lójú kọ̀ǹpútà, ojú wa ń rí i nítorí pé ó ń rìn. Lórí bébà, kì í rìn, kò sì ju ìtóbi lẹ́tà kan lọ, ó máa ń sọnù sáàárín àwọn bọ́tìnnì tó kún ibẹ̀. Ohun tí mo máa ń ṣe ni kí n ya àwòrán tó mọ́, kí n wá fi àpótí pupa yí ibi tí wọ́n máa tẹ̀ ká, tàbí nọ́ńbà 1, 2, 3 bí wọ́n ṣe ń tẹ̀lé ara wọn. Greenshot ní irinṣẹ́ fún méjèèjì. Nọ́ńbà náà máa ń sọ ohun tí ọfà kò lè sọ, ìyẹn èwo ló ṣáájú.

Màmá_Ìdílé
Nọ́ńbà dára fún ẹni tó mọ̀ pé nọ́ńbà yẹn kì í ṣe ara kọ̀ǹpútà. Àwọn tèmi ti bi mí rí pé kí ló dé tí 1 kò sí lórí kọ̀ǹpútà tàwọn.

Kúnlé_Bódìjà
Ọ̀rọ̀ wà níbẹ̀ o. Àti pé ìgbà kan wà tí ìrísí ọfà fúnra rẹ̀ ni ẹ̀kọ́. Bí èèyàn bá fẹ́ fa ìlà láàárín òpó méjì nínú Calc kó fẹ̀, ọfà á kọ́kọ́ yí padà di ọfà olórí méjì kí ó tó ṣeé fà. Báwo lẹ ṣe máa fi ìyẹn han èèyàn láìsí ọfà?

Ìyá_Atòwé
Ibẹ̀ yẹn, mo gbà fún ẹ pátápátá. Bí ìrísí ọfà bá jẹ́ ohun tí à ń kọ́ni, tàbí tí àpótí àlàyé bá jẹ́ ohun tí à ń sọ̀rọ̀ lé lórí, kí wọ́n wà níbẹ̀, kí wọ́n sì hàn gbangba. Nínú irú àwòrán bẹ́ẹ̀, mo máa ń fi ọfà sílẹ̀ kí Greenshot mú un, kí n wá sún àwòrán mọ́ra débi tí ọfà máa tóbi. Ti àwọn ìyá àgbà, Màmá, mi ò lè jiyàn pẹ̀lú yín, ẹ̀yin lẹ jókòó tì wọ́n. Bóyá àwọ̀ pupa láìsí nọ́ńbà á yé wọn jù.

Ṣadé_Akọ̀wé
Báwo lẹ ṣe ń mọ̀ pé kò sí nǹkan tó kù nínú àwòrán kẹ́ ẹ tó fi ránṣẹ́? Ojú mi máa ń fo ó.

Ìyá_Atòwé
Mo máa ń wò ó ní ìlọ́po méjì tàbí mẹ́ta ìtóbi rẹ̀. Mo máa ń gba orí ọ̀pá bọ́tìnnì láti òsì sí ọ̀tún, kí n wá bọ́tìnnì tí àwọ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ yàtọ̀ sí ti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Bí mo bá rí ọ̀kan, mo máa béèrè lọ́wọ́ ara mi bóyá ó yẹ kó rí bẹ́ẹ̀. Nínú Writer, Align Left sábà máa ń kùn nítorí pé òun ló ń ṣiṣẹ́ lórí ìpínrọ̀ náà. Ìyẹn tọ́. Bold tó kùn nígbà tí ọ̀rọ̀ tó wà lójú ewé kò dúdú kirikiri, ìyẹn ni ọfà fi sílẹ̀.

Bí ó bá jẹ́ ojú ìwé orí ayélujára ni, ẹ wo igun ìsàlẹ̀ lọ́wọ́ òsì pẹ̀lú. Ibẹ̀ ni ẹ̀rọ aṣàwárí máa ń kọ àdírẹ́sì sí bí ọfà bá wà lórí líǹkì, àwọn èèyàn kì í sì kà á sí àlàyé tó ń yọjú.

Xubuntu_Ìjẹ̀bú
Bí ó bá jẹ́ ojú GIMP 2.10 lẹ fẹ́ ya àwòrán rẹ̀, ó ní ibi tí èèyàn ti lè pa àlàyé dé pátápátá kó tó bẹ̀rẹ̀. Edit, Preferences, Interface, Help System, kí ẹ mú àmì kúrò nínú Show tooltips. Ó rọrùn bí èèyàn bá ní àwòrán púpọ̀ láti yà. Kí ẹ rántí dá a padà, torí àlàyé yẹn wúlò fún iṣẹ́. Àwọ̀ bọ́tìnnì ò ní ti ibẹ̀ lọ o, ẹ ṣì gbọ́dọ̀ gbé ọfà kúrò.

Tísà_Òkè-Àdó
Mo ti fi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ránṣẹ́ padà, ó ti gbà wọ́n. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ mìíràn ti wá. Apá kejì ìwé náà dá lórí sọ́fítíwíà èsì ìdánwò tí ilé ìwé kan ń lò, orí kọ̀ǹpútà tó wà ní ọ́fíìsì wọn nìkan ló wà. Láti ilé ni mo ti ń wọ inú rẹ̀ láti òkèèrè. Mo ti mú àmì kúrò nínú Capture mousepointer, síbẹ̀ ọfà kan ṣì ń hàn nínú àwòrán.

Ìyá_Atòwé
Ọfà yẹn kì í ṣe ti kọ̀ǹpútà yín. Ti kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì ni, ó ti wà nínú àwòrán tó ń bọ̀ wá sọ́dọ̀ yín kó tó dé. Greenshot tiyín kò mọ̀ pé ọfà ni, ohun tó wà nínú fèrèsé lásán ni lójú rẹ̀. Ibi tó dára jù láti ya á ni inú kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì yẹn fúnra rẹ̀: PrtScn níbẹ̀, kí ẹ lẹ̀ ẹ́ sínú Paint níbẹ̀, kí ẹ fi fáìlì náà ránṣẹ́ sí ara yín.

Tísà_Òkè-Àdó
Wọn kò fún mi láyè láti ṣí ohun mìíràn níbẹ̀ mà. Sọ́fítíwíà yẹn nìkan ni mo lè rí.

Kúnlé_Bódìjà
Nígbà náà, ẹ dín fèrèsé sọ́fítíwíà yẹn kù bí wọ́n bá gbà yín láyè, kí ẹ gbé ọfà lọ sí igun ìsàlẹ̀ pátápátá, kí ẹ wá gé igun náà.

Ìyá_Atòwé
Ohun tó kù nìyẹn. Bí fèrèsé rẹ̀ kò bá ṣeé dín kù, ẹ wo ibi tó wà lófìfo nínú rẹ̀, kí ẹ fi ọfà síbẹ̀ nínú gbogbo àwòrán, ibì kan náà ní gbogbo ìgbà. Kí ẹ sì ní kí ọ̀gá ilé ìwé náà jẹ́ kí ẹnì kan tó wà ní ọ́fíìsì ya àwọn tó ní mẹ́nù tó ṣí sílẹ̀ fún yín, torí Alt+I láti òkèèrè, nígbà míràn kọ̀ǹpútà tiyín ló máa dá a lóhùn.